Láti inú fọ́tò Òkè Ìdànrè dé orí pósítà tó tẹ́ pẹrẹsẹ

*Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí yín tí mo yà ní Ìdànrè láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kìn-ín-ní. Mo fẹ́ sọ ọ́ di pósítà ìrìn-àjò bíi ti àtijọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo lo Trace Bitmap nínú Inkscape, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ńṣe ló kún fún àbàwọ́n wẹ́wẹ́. Nígbà tí mo dín àwọ̀ kù, àwọn òkè náà wọnú ara wọn. Kí ni kí n ṣe?*

Trace Bitmap kò ṣe ju iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún lọ. Ó ń wo píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kó àwọn tí àwọ̀ wọn sún mọ́ra sójú kan. Kò mọ òkè, kò mọ òrùlé, kò mọ ọ̀pẹ. Bí òjìji ara òkè ńlá yín ṣe ṣókùnkùn bákan náà pẹ̀lú ewé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó so méjèèjì pọ̀ di àbàwọ́n kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jìnnà síra wọn lójú ayé. Níbi tí oòrùn sì ti ta sí etí àpáta lójú ibi púpọ̀, ó fi èérún kan sílẹ̀ lójú ibi kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ṣe pósítà kì í fi àwọ̀ pín fọ́tò. Ohun tó jìnnà àti ohun tó sún mọ́ni ló fi ń pín in, ojú ènìyàn nìkan ló sì lè ṣe ìpín yẹn. Nítorí náà, ẹ pa gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà yà rẹ́, kí ẹ dá fọ́tò náà padà sórí ojú-ewé òfìfo, kí ẹ sì tì í pa kó má lè sún mọ́. Abẹ́ ni yóò máa wà títí a ó fi parí.

Kí a tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí ìrísí tó wù yín yẹn ti wá, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo òfin rẹ̀ wà. Láàárín ọdún 1938 sí 1941, àwọn ayàwòrán tí ètò iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní WPA gbà síṣẹ́ ní Amẹ́ríkà tẹ àwọn pósítà kan fún àwọn ọgbà ìtura ìjọba àpapọ̀. Orí skríìnì ni wọ́n ti tẹ̀ wọ́n, ìyẹn aṣọ tí wọ́n nà tí íǹkì ń gba ojú rẹ̀ kọjá sórí bébà, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní skríìnì tirẹ̀, tí wọ́n á tẹ̀, tí wọ́n á dúró kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, Tom Purvis ń ṣe pósítà fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin LNER láti ọdún 1923 títí dé nǹkan bí ọdún 1943. Ó fi àwọ̀ gbọọrọ ṣe wọ́n, ó sì yọ ìlà tó ń yí nǹkan ká kúrò pátápátá. Àwọ̀ kan tó bá lé, iṣẹ́ ló lé, owó ló sì lé. Kò sẹ́ni tó máa ṣe odidi skríìnì tuntun nítorí ogún ewé, ìdí nìyẹn tí ewé fi di igbó kan ṣoṣo nínú àwòrán wọn.

Ibẹ̀ náà ni àwọ̀ tó ń ṣá díẹ̀díẹ̀, tí ẹ̀rọ ń pè ní Gradient, ti gba ìlànà tirẹ̀. Atẹ̀wé orí skríìnì tó bá fẹ́ kí àwọ̀ kan ṣá wọnú èkejì yóò da íǹkì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, yóò fi rọ́bà wọ́ ọ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì á sì pò mọ́ra láàárín. Ṣáájú wọn, ní Japan, àwọn tó ń tẹ àwòrán ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Hiroshige láti ara pákó máa ń fi omi àti aṣọ nu íǹkì orí pákó kí ojú ọ̀run lè dúdú lókè kó sì mọ́ bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Bokashi ni wọ́n ń pè é. Nínú ọ̀nà méjèèjì, ọwọ́ ènìyàn ń rìn lọ tààrà ni, nítorí náà àwọ̀ tó ń ṣá náà ń lọ tààrà. Bí ẹ bá rí iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà kan tí àwọ̀ ń ṣá róbótó lára gbogbo àpáta bíi pé wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì tàn án, tí ó sì dà bí àmì orí fóònù ju pósítà lọ, ohun tó fà á nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo fọ́tò yín. Mo rí ojú ọ̀run tí ọyẹ́ ti sọ di fífun, òkè kékeré kan tó jìnnà gan-an lápá ọ̀tún, òkè tó gùn gbọọrọ láàárín, àti àpáta ńlá orí rẹ̀ bíríkítí tó gba apá òsì. Nísàlẹ̀ ni òrùlé páànù tó ti dípẹtà wà, àti ọ̀pẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó sún mọ́ kámẹ́rà jù lọ. Wáyà iná kọjá lójú gbogbo rẹ̀, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sì dúró sórí òkè àárín. Wáyà àti òpó náà kò ní sí nínú pósítà. Àwọn tó kù jẹ́ ìpele márùn-ún: ọ̀run, òkè jíjìn, òkè àárín, àpáta ńlá pẹ̀lú ìlú tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àti ọ̀pẹ iwájú. Ẹ ṣí Layer márùn-ún fún wọn, kí ẹ sì fún wọn lórúkọ.

Ohun tó kàn kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ mú bébà, kí ẹ ya àpótí kan tí kò ju paálí ìṣáná lọ, kí ẹ wá dín ojú yín títí fọ́tò náà yóò fi ṣú díẹ̀, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù ya ìpele márùn-ún náà sínú àpótí yẹn, láti orí èyí tó mọ́lẹ̀ jù dé orí èyí tó dúdú jù. Ẹ má ya ohunkóhun mìíràn. Mo máa ń ya mẹ́ta tàbí mẹ́rin irú rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń rí i bí òkè àárín bá gba àyè jù, tàbí bí ọ̀pẹ bá dúró gan-an níbi tí etí òkè méjì ti pàdé. Àwòrán tí kò bá yé ni níwọ̀n paálí ìṣáná kò ní yéni lára ògiri.

Nígbà tí ẹ dín àwọ̀ kù tí àwọn òkè náà wọnú ara wọn, bí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe mọ́lẹ̀ tó ni ìṣòro yín. Ẹ rántí bí aláró ṣe ń ṣe: ó lè rẹ aṣọ kan lẹ́ẹ̀kan, òmíràn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òmíràn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, aró kan náà ni gbogbo wọn, síbẹ̀ bí ẹ bá tò wọ́n sílẹ̀, ojú yóò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì láti òkèèrè. Ohun tí ìpele márùn-ún yín nílò nìyẹn kó tó di ọ̀rọ̀ pupa tàbí àwọ̀ ọsàn. Ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run, níbi tó ti kan etí àwọn òkè, ni kó mọ́lẹ̀ jù, ọ̀pẹ iwájú ni kó dúdú jù, kí àwọn tó wà láàárín sì máa sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn tí ojú lè kà.

Ìdí wà nínú ayé fún ètò yìí. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín wa àti òkè tó jìnnà ń tú ìmọ́lẹ̀ ká, nítorí náà bí òkè bá ṣe jìnnà tó ni ìmọ́lẹ̀ tí a tú ká yìí ṣe ń bò ó. Nínú afẹ́fẹ́ tó mọ́, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró ló ń tú ká jù, ìyẹn ló fi jẹ́ pé òkè jíjìn máa ń dà bí aró nínú àwọn pósítà ilẹ̀ òyìnbó. Ṣùgbọ́n oṣù Kìn-ín-ní ni ẹ ya fọ́tò yín. Eruku ọyẹ́ tóbi ju ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ lásán lọ, ó ń tú gbogbo àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ká bákan náà, nítorí náà òkè jíjìn ní Ìdànrè nígbà ọyẹ́ kò di aró, ó di fífun tó pọ́n díẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi òkè aláwọ̀ aró ṣe é nítorí pé ẹ rí i bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Ẹni tó bá ti gbé ibẹ̀ rí yóò mọ̀ pé kì í ṣe òwúrọ̀ ọyẹ́ ni ẹ yà. Àwọ̀ tí èmi yóò fi bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àwọ̀ tó wà lápá òkè ló ṣáájú, èyí tó ń ṣá sí nísàlẹ̀ ló tẹ̀ lé e:

```
ọ̀run         #E8833A → #FCE3B0
òkè jíjìn     #D9A58B → #F0CDA8
òkè àárín     #A8646A → #CF9487
àpáta ńlá     #8A4B5E → #B9797F
òjìji àpáta   #4A3558
òrùlé         #C4472B
ọ̀pẹ iwájú    #1E2A3A
```

Ẹ má gba òǹkà L inú HSL gbọ́ pé òun ló ń sọ bí àwọ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó lójú. Àwọ̀ ọsàn àti aró tí L wọn jẹ́ ọ̀kan náà kì í mọ́lẹ̀ bákan náà. Ọ̀nà tó dájú ni pé kí ẹ gbé iṣẹ́ yín jáde ní PNG, kí ẹ ṣí i nínú GIMP, kí ẹ sì lo Colors > Desaturate kí gbogbo rẹ̀ di àwọ̀ eérú. Bí àwọn àwọ̀ tí mo kọ yìí bá di eérú, orí òkè jíjìn yóò wà ní nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀, orí òkè àárín ní 47, orí àpáta ńlá ní 38, òjìji rẹ̀ ní 25, ọ̀pẹ ní 16. Bí ẹ bá ti rí ibì kan tí ìpele méjì kò ti yàtọ̀ síra nínú eérú, ẹ ṣàtúnṣe níbẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, nítorí kò sí àwọ̀ tó lè gba irú ibẹ̀ là.

Ní ti yíya àwọn òkè náà, Pen tool ni kí ẹ lò, èyí tí ẹ ń fi lẹ́tà B pè. Fún àpáta ńlá yẹn, mi ò ní lò ju kókó mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lọ láti ẹsẹ̀ òsì dé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹ wo fọ́tò náà dáadáa: ẹ̀gbẹ́ òsì àpáta náà sọ̀kalẹ̀ bí ògiri, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sì rọra tẹ̀ lọ bí ẹ̀yìn erin. Ìyàtọ̀ yẹn ni ìrísí òkè náà. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ òsì jẹ́ ìlà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán, kókó méjì péré, kí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sì jẹ́ ìtẹ̀ kan ṣoṣo tó gùn. Kódà, ẹ lè mú kí òsì dúró ṣánṣán ju bó ṣe rí lọ díẹ̀. Àwọn gọ́tà kéékèèké tó wà létí rẹ̀, mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ mú méjì tó tóbi jù, kí ẹ sì gbàgbé ìyókù. Àwọn kan máa ń fi ọwọ́ ya gbogbo gọ́tà náà tán, kí wọ́n wá lo Ctrl+L láti dín kókó kù. Mi ò gbà yín níyànjú rẹ̀, nítorí àṣẹ yẹn ń dín gbogbo etí kù bákan náà: ó ń sọ ìlà tó yẹ kó nà di títẹ̀, ó sì ń sọ igun tó yẹ kó mú di kíkúnná.

Lẹ́yìn etí òkè, òjìji kan ṣoṣo ni kí ẹ fún àpáta náà. Oòrùn òwúrọ̀ ń ti ọ̀tún bọ̀ nínú fọ́tò yín, nítorí náà apá òsì ló wà nínú òjìji. Ẹ má tẹ̀lé gbogbo ibi tí òjìji ti já wọnú ìmọ́lẹ̀. Ẹ fa ìlà kan láti orí àpáta sọ̀kalẹ̀, kó tẹ̀ bí àpáta ṣe wú, nítorí ìlà yẹn ni yóò sọ fún ojú pé ohun bíríkítí ni, kì í ṣe páálí tí a gé. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mi ò fẹ́ kí ẹ sọnù: àwọn ìlà dúdú tí omi òjò ti fà sílẹ̀ lára àpáta náà látòkè wá. Àpáta tó dá dúró bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń ní wọn, wọ́n sì jẹ́ ara ohun tó mú kí Ìdànrè yàtọ̀ sí òkè orí pósítà ibòmíràn. Nínú fọ́tò, wọ́n lé ní ogún. Ẹ ya mẹ́ta péré sí apá tó wà nínú ìmọ́lẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ òjìji, kí wọ́n fẹ̀ díẹ̀ lókè, kí wọ́n sì tẹ́ẹ́rẹ́ títí wọn yóò fi parí láìdé ilẹ̀. Kí gígùn wọn má ṣe dọ́gba, kí àyè tó wà láàárín wọn má sì dọ́gba.

Àwọn òrùlé náà kò ní ju méje lọ. Ẹ fi páànù tó dípẹtà náà ṣe ojú pupa kan tó gbóná jù nínú gbogbo pósítà, kí ẹ kó wọn jọ sójú kan, kí àwọn kan bo ara wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí igbó tó yí wọn ká jẹ́ ẹyọ kan. Ní ti ọ̀pẹ iwájú, etí rẹ̀ nìkan ló ń sọ pé ọ̀pẹ ni. Imọ̀ mẹ́fà tàbí méje tó yà síra wọn lókè ti tó. Àárín rẹ̀ kí ó di dúdú tó kún pátápátá.

Mo wá dé ibi tó ṣe pàtàkì jù lọ, èyí tí mo rò pé ó sọnù nínú iṣẹ́ yín. Òkè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúdú jù ní orí rẹ̀, kó sì máa ṣá bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tí kùrukùru òwúrọ̀ ń ṣe náà nìyẹn, nítorí ilẹ̀ ló ń sùn sí. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ nínú pósítà ni pé orí òkè iwájú ló máa ń pàdé ẹsẹ̀ òkè ẹ̀yìn. Bí ẹsẹ̀ òkè àárín bá ti ṣá dé #CF9487, tó jẹ́ nǹkan bí 64 nínú eérú, orí àpáta ńlá tó wà ní 38 yóò yọ sókè lójú rẹ̀ láìsí ìlà kankan tó yí i ká. Bí ẹ bá yọ àwọ̀ tó ń ṣá yẹn kúrò, 47 ni yóò pàdé 38, tí òkè méjèèjì yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan. Ẹ tẹ G, kí ẹ fa Gradient náà tààrà láti òkè sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ìdajì òkè lókè wà láìyí padà rárá, kí ṣíṣá náà bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Òjìji àpáta ńlá náà gbọ́dọ̀ ṣá pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni pé kí ẹ ya ojú kan sórí ẹsẹ̀ àpáta náà, pẹ̀lú #B9797F, tí kò hàn rárá lókè, tó sì hàn tán nísàlẹ̀, kó bo ìmọ́lẹ̀ àti òjìji lẹ́ẹ̀kan náà. Òrùlé àti ọ̀pẹ yóò wà níwájú rẹ̀, láìní Gradient kankan.

Àléébù kan wà tí àwọ̀ tó ń ṣá máa ń mú wá, ojú kọ̀ǹpútà sì lè fi pamọ́. Pósítà A2 jẹ́ mìlímítà 420 sí 594, ní 300 dpi, ìyẹn píksẹ́lì 4961 sí 7016. Bí ojú ọ̀run bá gba 3000 píksẹ́lì, tí àwọ̀ òkè àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ra débi pé ìgbésẹ̀ 12 péré ló wà láàárín wọn, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ píksẹ́lì 250, ó lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà méjì lórí bébà, ẹ ó sì rí i bí ọ̀já tí wọ́n tò léra. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ méjèèjì jìnnà síra, bíi ti èyí tí mo fún yín, kí ẹ sì fi Filters > Noise > RGB Noise díẹ̀ gan-an sára PNG náà nínú GIMP. Bí ẹ bá ń rí hóró náà láìsún mọ́ ọn, ó ti pọ̀ jù.

Orúkọ ìlú ni kó wà nísàlẹ̀, lórí dúdú ọ̀pẹ, pẹ̀lú àwọ̀ ọ̀run tó mọ́lẹ̀ jù. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ wà lórí lẹ́tà mẹ́ta nínú ÌDÀNRÈ, nítorí náà ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè lẹ́tà kí àmì má baà gún ewé. Bí ẹ bá sì fẹ́ kọ ÌPÍNLẸ̀ sábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dán irú lẹ́tà tí ẹ yàn wò lórí Ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń gbé àmì òkè rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Noto Sans kò ní irú ìṣòro yẹn.

Kí ẹ tó tẹ odidi A2, ẹ gé apá kan tó fẹ̀ tó A4 níbi tí òjìji àpáta, òrùlé àti ọ̀pẹ ti pàdé, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ ní títóbi rẹ̀ gan-an lórí irú bébà tí ẹ ó lò. Mo ti pàdánù ogójì pósítà rí lọ́wọ́ atẹ̀wé kan ní Ṣómólú nítorí pé mo fò ó. Íǹkì máa ń ràn díẹ̀ lórí bébà, gbogbo àwọ̀ tó ti dúdú sì ń dúdú sí i. Òjìji mi àti igi iwájú mi, tí wọ́n yàtọ̀ síra dáadáa lójú kọ̀ǹpútà, di ojú dúdú kan ṣoṣo, àwọ̀ ọsàn ọ̀run náà sì kú, nítorí íǹkì mẹ́rin inú ẹ̀rọ kò lè mú ọsàn tàn tó ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí yín nínú A4 yẹn, ẹ má fọwọ́ kan ọ̀pẹ. Òjìji àpáta ni kí ẹ mú mọ́lẹ̀ sí i, láti #4A3558 dé nǹkan bí #5C4468, kí ẹ sì tún A4 náà tẹ̀.